Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ìwé wákàtí iṣẹ́ àti rìsíìtì tí kò tètè dé

Bí oṣù bá ti ń parí lọ, ìwé ìránnilétí máa ń ti yàrá àkántáǹtì jáde sí gbogbo òṣìṣẹ́: ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìwé wákàtí iṣẹ́ yín ránṣẹ́, kí ẹ sì ṣe ìṣirò owó ìrìnàjò yín. Èsì tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ máa ń fọ̀ lábẹ́lẹ̀ ni pé, "Àbí owó tèmi kọ́ ni mo ná? Bí mi ò bá tètè béèrè fún un, ta ni ó kàn?" Ọ̀rọ̀ yẹn dà bí ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n. Àmọ́ àwọn tó ń sọ ọ́ kò tíì rí ibi tí ìwé wọn ń gbà kọjá kí owó oṣù tó wọlé.

Bí a ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ sínú fọ́ọ̀mù kò ṣòro, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ibi tí ìṣòro wà ni ọ́fíìsì tó ń fi owó àwọn onígbọ̀wọ́ ṣiṣẹ́, irú àwọn àjọ aláàánú àti ilé iṣẹ́ ìwádìí ìlera tó pọ̀ nílùú Ìbàdàn. Ní irú ọ́fíìsì bẹ́ẹ̀, kì í ṣe àpò kan ṣoṣo ni owó oṣù òṣìṣẹ́ ti ń jáde. Onígbọ̀wọ́ kan lè máa san apá kan, èkejì a san apá mìíràn, ọ́fíìsì fúnra rẹ̀ a sì fi ìyókù kún un. Ìwé wákàtí iṣẹ́ ló ń sọ bí a ó ṣe pín in. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìwé tí a fi ń mọ ẹni tó pẹ́ dé ibi iṣẹ́ ni. Rárá o. Ìwé yẹn ni ẹ̀rí tí ọ́fíìsì fi ń gba owó lọ́wọ́ onígbọ̀wọ́.

Ẹ jẹ́ ká fi ọkùnrin òṣìṣẹ́ kan ṣe àpẹẹrẹ. Owó oṣù rẹ̀ jẹ́ ₦400,000. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí ètò ibà, ó ń ṣiṣẹ́ lórí ètò omi fún àwọn ilé ẹ̀kọ́, ó sì ń ran ọ́fíìsì lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ gbogbogbò. Nígbà tí wọ́n ń ṣe ètò ìnáwó ọdún, wọ́n fojú bù ú pé ìdajì àkókò rẹ̀ yóò lọ sórí ibà, ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún sórí omi, ìdá 10 sórí ọ́fíìsì. Ní oṣù Ọ̀wàrà, wákàtí 160 ló fi ṣiṣẹ́: 96 lórí ibà, 40 lórí omi, 24 ní ọ́fíìsì. Bí ìwé rẹ̀ bá tètè dé, ètò ibà yóò san ₦240,000, ètò omi ₦100,000, ọ́fíìsì ₦60,000. Kò sí wàhálà.

Ká ní ìwé náà kò dé ńkọ́? Owó oṣù kò lè dúró, nítorí náà àkántáǹtì yóò lo ìfojúbù ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Ètò omi á wá san ₦160,000 dípò ₦100,000. Ó fi ₦60,000 sanwó fún iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò ṣe fún un. Òfin owó ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, 2 CFR 200.430, sọ ọ̀rọ̀ yìí kedere: a lè lo ìfojúbù fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ padà wá fi iṣẹ́ tó wáyé gan-an tún un ṣe, ìfojúbù nìkan kò sì tó ẹ̀rí. Tí ìwé náà kò bá wá dé rárá, kì í ṣe ₦60,000 tó lé yẹn nìkan ni ọ́dítọ̀ lè fọwọ́ sí pé kò ní ẹ̀rí. Gbogbo ₦160,000 náà ni. Ọ́fíìsì ni yóò sì wá a san padà, láti inú owó tí kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ̀.

Ibi tó dùn jù nínú gbogbo ètò yìí ni ibi tí ọ́dítọ̀ ti ń gbé ìwé méjì kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ìdí nìyẹn tí ìwé ìránnilétí fi máa ń béèrè ìwé wákàtí àti rìsíìtì ìrìnàjò pọ̀. Lójú òṣìṣẹ́, ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Lójú ọ́dítọ̀, ẹlẹ́rìí méjì lórí ọjọ́ kan náà ni wọ́n, ó sì fẹ́ mọ̀ bóyá ẹnu wọn kò.

Ẹni tó bá jókòó ní oṣù Bélú láti kọ ohun tó ṣe ní oṣù Ọ̀wàrà kì í rántí. Ohun tó máa ń ṣe ni pé yóò kọ wákàtí mẹ́jọ, mẹ́jọ, láti òkè dé ìsàlẹ̀, yóò sì pín in bó ṣe bọ́ sí i lọ́wọ́. Ọ́dítọ̀ kò nílò ọgbọ́n àrà láti mọ̀. Yóò kọ́kọ́ wo ọjọ́ 1 oṣù Ọ̀wàrà. Ọjọ́ òmìnira ni, ọ́fíìsì tì pa, síbẹ̀ wákàtí mẹ́jọ wà níbẹ̀ fún ètò omi. Lẹ́yìn náà ni yóò wo ọjọ́ 14. Ìwé wákàtí sọ pé ọkùnrin yìí wà ní Ìbàdàn, ó ń kọ ìjábọ̀ ibà. Rìsíìtì hòtẹ́ẹ̀lì tó mú wá lórí ètò omi sọ pé Ògbómọ̀ṣọ́ ló sùn lọ́jọ́ náà. Kò jalè o. Ó lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lóòótọ́, ó sì ṣiṣẹ́ dáadáa níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé méjèèjì ti ta ko ara wọn, ìgbàkigbà tí ọ́dítọ̀ bá sì rí irú èyí lẹ́ẹ̀kan, yóò fẹ́ wo ti oṣù tó ṣáájú àti ti àwọn òṣìṣẹ́ yòókù. Ẹni tó kọ tirẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an kò lè bọ́ sínú ọ̀fìn yìí, torí ó ṣì mọ ibi tó wà.

Owó ìrìnàjò náà ní tirẹ̀. Kí ọkùnrin yìí tó lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n fún un ní ₦100,000 sílẹ̀. Ó fi ₦22,000 wọkọ̀, ó san ₦45,000 fún hòtẹ́ẹ̀lì, ó sì fi ₦17,500 jẹun, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦84,500. Ó yẹ kó dá ₦15,500 padà. Títí tí yóò fi kó rìsíìtì sílẹ̀, ₦100,000 yẹn kò tíì di ìnáwó nínú ìwé ọ́fíìsì. Gbèsè tó wà lọ́rùn rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí. Bí wọ́n bá fi ìjábọ̀ ránṣẹ́ sí onígbọ̀wọ́ lóṣù náà, yóò dà bí ẹni pé wọn kò lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ rárá. Onígbọ̀wọ́ tó bá rí owó tí wọn kò ná lè dín èyí tí yóò fi ránṣẹ́ lẹ́yìn náà kù.

Wàhálà tó tún ju ìyẹn lọ ni bí ètò omi bá parí ní ọjọ́ 31 oṣù Ọ̀wàrà. Àwọn òṣìṣẹ́ máa ń ṣe bí ẹni pé ìwé ìṣirò dà bí dánfó ní Òjóò, tó ń dúró títí yóò fi kún. Ọkọ̀ ojú irin tó ń ti Mọ́níyà lọ sí Èkó ló jọ: bí aago bá ti lù, ó ti lọ nìyẹn, ìbáà jẹ́ pé o ti ń rí ẹ̀yìn rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Nínú oṣù lásán, ẹni tó pẹ́ lè bá ọkọ̀ mìíràn lọ, ìyẹn ni pé ìnáwó rẹ̀ yóò bọ́ sínú ìwé oṣù tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí ètò bá ti parí, kò sí ọkọ̀ mìíràn. Nínú òfin Amẹ́ríkà yẹn kan náà, ọjọ́ 120 ni ẹni tó gba owó tààrà ní láti parí gbogbo ìjábọ̀, àmọ́ ẹni tó gbà á láti ọwọ́ àjọ mìíràn kò ní ju ọjọ́ 90 lọ. Ipò kejì yìí ni ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì kékeré wà nílẹ̀ wa. Ká kà á láti ọjọ́ 31 oṣù Ọ̀wàrà, ọjọ́ 29 oṣù Ṣẹẹrẹ ni àádọ́rùn-ún ọjọ́ yẹn pé. Rìsíìtì tó bá wọlé ní oṣù Èrèlé jẹ́ ti ìrìnàjò tó tọ́, tó sì wáyé lásìkò tó tọ́, síbẹ̀ ọ́fíìsì lè fi ₦84,500 náà ṣòfò.

Rìsíìtì fúnra rẹ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Èyí tí ẹ̀rọ POS ń tẹ̀ jáde kò ní íǹkì, ooru ló ń fi kọ̀wé sí bébà náà. Bí ó bá wà nínú ọkọ̀ tí oòrùn ń pa, tàbí nínú pọ́ọ̀sì láàárín ike àti òógùn, yóò ṣí dànù, bébà funfun lásán ni òṣìṣẹ́ yóò mú dé ọ̀dọ̀ àkántáǹtì. Kí a ya fọ́tò rẹ̀ lọ́jọ́ tí a gbà á ló dára jù. Ti ọ̀kadà àti dánfó tí kì í fúnni ní rìsíìtì, fọ́ọ̀mù wà tí òṣìṣẹ́ máa ń kọ ibi tó lọ, ọjọ́ àti iye sí, tí ọ̀gá rẹ̀ yóò sì fọwọ́ sí. Fọ́ọ̀mù yẹn kò wúlò mọ́ bí ọ̀gá náà kò bá rántí ìrìnàjò ọ̀hún.

Nígbà náà, ìwé ìránnilétí tó dára kì í ṣe èyí tó kún fún ìbínú. Èyí tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí gbogbo ènìyàn, tí ó ní orúkọ àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀ ní ìsàlẹ̀, kì í mú ìwé wá, ìtìjú àti ìkùnsínú ló ń mú wá. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ máa ń lọ sí ọ̀dọ̀ ẹnìkan ṣoṣo, ó sì máa ń sọ ohun tó kù, iye rẹ̀, ọjọ́ àti ohun tí yóò tẹ̀ lé e:

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ìwé wákàtí oṣù Ọ̀wàrà yín kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa, bẹ́ẹ̀ náà ni ìṣirò ₦100,000 tí ẹ gbà fún ìrìnàjò Ògbómọ̀ṣọ́. Ètò omi ti parí, a óò sì ti ìwé rẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, aago mẹ́rin. Bí rìsíìtì kan bá sọnù, ẹ jọ̀wọ́ ẹ pè wá kí ọjọ́ yẹn tó pé, ká jọ wo ohun tí a lè ṣe. Lẹ́yìn ọjọ́ náà, a kò ní lè fún yín ní owó ìrìnàjò tuntun títí tí èyí yóò fi parí."

Gbólóhùn "ẹ pè wá" ló ṣe kókó jù níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé tó pẹ́, kì í ṣe ọ̀lẹ ló fà á. Rìsíìtì kan ló sọnù, ojú ń ti ẹni náà, ó wá di gbogbo ẹ̀ mú. Ó sì yẹ ká sọ òótọ́ mìíràn: ọ́fíìsì tí òṣìṣẹ́ fi owó ara rẹ̀ ná fún, tí kò san án padà fún oṣù méjì, kò ní ẹnu tí yóò fi sọ pé ẹ tètè mú rìsíìtì wá. Bí ọjọ́ tí wọ́n á sanwó padà bá wà nínú ìwé ìránnilétí, tí wọ́n sì pa á mọ́, ìwé àwọn òṣìṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í yá.

Ní ti kí a yọ owó tí wọn kò ṣe ìṣirò rẹ̀ kúrò nínú owó oṣù, ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ ń gba owó náà ló yẹ kó ti fọwọ́ sí i, lórí fọ́ọ̀mù kan náà tó fi gbà á, pẹ̀lú ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ mú ìṣirò dé. Ẹni tó kọ́kọ́ gbọ́ nípa ìyọwó lọ́jọ́ tí owó oṣù rẹ̀ dín kù yóò bá ọ́fíìsì jà, ọ́fíìsì náà kò sì ní rí ìwé tí yóò fi dá a lóhùn.