Òdo lórí Òdo: Nígbà tí Òfin Lopitál Bá Ń Yí Yín Po

Bí ìdánwò kálíkúlọ́ọ̀sì bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn olùkọ́ lẹ́sìn ojú pópó á tún bẹ̀rẹ̀: "Bí ẹ bá ti rí òdo lórí òdo, ẹ lo òfin Lopitál, ẹ ṣáà máa dífẹ́ríṣíéètì òkè àti ìsàlẹ̀ títí yóò fi gbọ́." Wọ́n á gbowó, ọmọ á sì lọ fìdí rẹmi. Ẹ jẹ́ ká wo èyí tí kì í gbọ́, bí x ṣe ń sún mọ́ òdo láti apá ọ̀tún:

√x / √(sin x)

Dẹ́rífétífù òkè ni 1/(2√x), ti ìsàlẹ̀ ni cos x/(2√(sin x)). Ẹ fi ti ìsàlẹ̀ pín ti òkè:

√(sin x) / (√x · cos x)

cos x ń lọ sí 1, kò yọ wá lẹ́nu. Ohun tó kù ni ìbéèrè àkọ́kọ́, àfi pé ó ti dorí kodò. Ẹ tún un ṣe, á tún padà dìde. Ìgbà tí ẹ bá ti rí i pé ohun tí ẹ kọ lókè tún yọjú nísàlẹ̀, ẹ gbé bírò sílẹ̀. Kó rúùtù méjèèjì sábẹ́ ẹyọ kan: √(x/sin x). x/sin x ń lọ sí 1, nítorí náà ìdáhùn ni 1. Bí ẹ bá fi 0.1 sí kakulétọ̀, lórí rédíánì o, ẹ ó rí nǹkan bí 1.0008.

Èyí tó wá ń bí mi nínú jùlọ nìyí, x ń lọ sí òdo:

x² sin(1/x) / sin x

Dẹ́rífétífù òkè lórí ti ìsàlẹ̀ ni:

(2x sin(1/x) − cos(1/x)) / cos x

cos(1/x) yìí kò fìdí mọ́lẹ̀ rárá. Bí 1/x bá jẹ́ 2π, 4π, 6π, tó ń lọ bẹ́ẹ̀, ìdá náà ń sún mọ́ −1. Bó bá jẹ́ 3π, 5π, 7π, ó ń sún mọ́ 1. Ọmọ á wá fi ìgboyà kọ ọ́ pé "kò sí líímìtì." Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ohun tí òfin náà, èyí tí ìwé Lopitál gbé jáde ní 1696, sọ ni pé bí ìdá àwọn dẹ́rífétífù bá ní líímìtì, ìdá àkọ́kọ́ náà ní irú rẹ̀. Bí kò bá ní, òfin dákẹ́. Kò sọ pé ìdá àkọ́kọ́ kò ní. Àwọn olùkọ́ tí mo ń sọ yìí kì í ka ìlà yẹn fún ọmọ, torí pé àwọn fúnra wọn kò kà á.

Ẹ padà sórí ìdá àkọ́kọ́, kí ẹ pín in sí méjì:

(x/sin x) · (x sin(1/x))

Apá kìíní ń lọ sí 1. Ní ti apá kejì, sáìnì kò lè ju 1 lọ, kò sì lè kéré sí −1, nítorí náà x sin(1/x) há sáàárín −|x| àti |x|. Àwọn méjèèjì ń lọ sí òdo, wọ́n sì ń wọ́ ọ lọ. Ìdáhùn ni 0. Nínú ìwé ìdánwò, ẹ kọ ọ́ pé òfin Lopitál kò ṣiṣẹ́ níbí, kí ẹ sì kọ ìlà tó fi |x| há a mọ́, torí ibẹ̀ ni máàkì wà.