Ọmọ mẹ́ta, oyún mẹ́fà: bí a ṣe ń ka G àti P lórí káàdì aboyún

Bí ẹ bá ṣí káàdì tí wọ́n fún yín níbi ìtọ́jú aboyún, ẹ ó rí ohun kan tí wọ́n kọ sókè báyìí: G6P3+2, 3A. Ọ̀pọ̀ aboyún ló ń gbé e lọ gbé e bọ̀ láì mọ̀ pé gbogbo ohun tí ilé ọmọ wọn ti là kọjá ni nọ́ọ̀sì kó síbẹ̀. Bí ẹ bá lè kà á, ẹ̀yin fúnra yín lè mọ̀ bó bá ti ṣì.

G, tí a ń pè ní gírávídà, ni iye ìgbà tí obìnrin ti lóyún láyé rẹ̀, títí kan èyí tó wà nínú rẹ̀ lọ́wọ́. A kì í wo ohun tí oyún náà yọrí sí. Èyí tó bàjẹ́ ní oṣù méjì wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n ṣẹ́ wà níbẹ̀, èyí tó dúró síta ilé ọmọ tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ yọ náà wà níbẹ̀. P, ìyẹn párà, ni iye ìgbà tó ti bímọ lẹ́yìn tí oyún pé ọ̀sẹ̀ 28, yálà ọmọ náà ké tàbí kò ké. Ọjọ́ àkọ́kọ́ nǹkan oṣù tó rí kẹ́yìn la ti ń ka ọ̀sẹ̀ yìí, nítorí náà 28 jẹ́ nǹkan bí oṣù mẹ́fà ààbọ̀. Iye tó tẹ̀lé àmì ìròpọ̀ ni àwọn oyún tó dànù kí wọ́n tó dé ibẹ̀. Èyí tó gbẹ̀yìn, tó ní A lẹ́gbẹ̀ẹ́, ni iye ọmọ tó wà láàyè lónìí.

Ìbejì ló máa ń rú àwọn èèyàn lójú jù. Oyún kan ni ìbejì, ìbímọ kan náà ni. Táyéwò àti Kẹ́hìndé jẹ́ méjì nínú iye ọmọ tó wà láàyè, ṣùgbọ́n ẹyọ kan péré ni wọ́n nínú G, ẹyọ kan péré nínú P.

Ẹ jẹ́ ká mú abiyamọ kan láti Ìkéré, ẹni ọdún 33, tó wá forúkọ sílẹ̀ pẹ̀lú oyún oṣù mẹ́rin. Ìyá ọkọ rẹ̀ jókòó tì í. Nọ́ọ̀sì bi í pé, “Màmá, ọmọ mélòó lẹ ní?” Ó ní, “Mẹ́ta ni, a dúpẹ́.” Nọ́ọ̀sì kọ G4P3, ó sì kọjá sí ìbéèrè mìíràn.

Àwa Yorùbá kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, a kì í sì í fẹ́ dárúkọ èyí tó ti lọ. Ìdáhùn obìnrin yìí kì í ṣe irọ́ rárá. Ìbéèrè náà ni kò tó. Lójú tèmi, ẹni tó bá fẹ́ mọ G àti P kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ látorí ọmọ, àtorí oyún ni kó ti bẹ̀rẹ̀, kó sì kọ́kọ́ rọ ìyá ọkọ pé kí wọ́n bá wa jókòó níta díẹ̀. Lẹ́yìn náà kó wá sọ pé, “Ẹ bá mi bẹ̀rẹ̀ láti orí oyún tó kọ́kọ́ dúró sí yín lára, bó ti wù kó parí.”

Ohun tí obìnrin wa sọ nìyí nígbà tó ku òun àti nọ́ọ̀sì. Oyún àkọ́kọ́, ilé ìwé ló wà, wọ́n bá a yọ ọ́ ní oṣù méjì. Ìkejì, ìbejì ni, àwọn méjèèjì wà láàyè. Ìkẹta pé oṣù mẹ́jọ, ṣùgbọ́n ọmọ náà ti kú sínú kó tó bí i. Ìkẹrin, ọmọkùnrin, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé e jáde, ó wà láàyè. Ìkarùn-ún bọ́ lára rẹ̀ ní oṣù márùn-ún. Ìkẹfà ló wà nínú rẹ̀ báyìí.

Oyún mẹ́fà, nítorí náà G6. Ìbejì jẹ́ ìbímọ kan, ọmọ tó wá ní òkú jẹ́ kan, ọmọkùnrin jẹ́ kan, ìyẹn P3. Méjì dànù kí wọ́n tó pé ọ̀sẹ̀ 28, ìyẹn +2. Àwọn tó wà láàyè jẹ́ mẹ́ta. Ẹ wò ó dáadáa: P3 tí nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ kọ bá ti òótọ́ mu, àmọ́ ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni. Ìbejì tó kà sí ìbímọ méjì àti òkú ọmọ tí kò gbọ́ nípa rẹ̀ ló dí ara wọn. Ẹni tó bá ka káàdì yẹn lọ́jọ́ ìrọbí yóò rò pé gbogbo ọmọ tó bí ló yè, kò sì ní béèrè ohun tó pa ọmọ inú náà, bóyá ẹ̀jẹ̀ ríru ni tàbí ìtọ̀ ṣúgà, tó sì lè tún padà wá.

+2 yẹn náà ní tirẹ̀. Oyún oṣù márùn-ún tó bọ́ lára obìnrin láìsí ìrora kan gbòógì lè jẹ́ pé ọrùn ilé ọmọ ló tètè ń ṣí. Bí nọ́ọ̀sì bá gbọ́ irú rẹ̀, a máa ń fi ẹ̀rọ àyẹ̀wò tó ń wo inú wọ̀n gígùn ọrùn náà. Bó bá kúrú ju mìlímítà 25 lọ kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 24, dókítà lè fi okùn rán an tàbí kó fún un ní oògùn tí yóò mú oyún dúró. Obìnrin yìí wá ní oṣù mẹ́rin, àsìkò rẹ̀ nìyẹn gan-an. Lóṣù tó ń bọ̀, ó lè ti bọ́. Ti oyún àkọ́kọ́ sì tún wà ńbẹ̀: bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá jẹ́ résọ́ọ̀sì nẹ́gétíìfù, ó ṣeé ṣe kí dókítà ti fún un ní abẹ́rẹ́ kan láàárín wákàtí 72 lẹ́yìn tí wọ́n yọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo dókítà ló ń fún ẹni tí oyún rẹ̀ kéré bẹ́ẹ̀. Bí kò bá gbà á, a ní láti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò bóyá ó ti ń bá ẹ̀jẹ̀ ọmọ inú jà.

Mo mọ ohun tó ń ba ọ̀pọ̀ lẹ́rù: káàdì yìí ń lọ sílé, ọkọ lè kà á. Àmì ìròpọ̀ kì í sọ èyí tó bàjẹ́ fúnra rẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ṣẹ́. Méjì ni, ó parí. Bí ẹ kò bá fẹ́ kí wọ́n kọ àlàyé rẹ̀ sórí káàdì, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì, kó kọ ọ́ sínú fáìlì tó ń gbé ọsibítù.

Ìṣirò kan wà tí ẹ lè fi yẹ tiyín wò nílé. Bí ẹ bá lóyún lọ́wọ́, P, pẹ̀lú iye tó tẹ̀lé àmì ìròpọ̀, pẹ̀lú oyún kan yìí, gbọ́dọ̀ jẹ́ G. Fún obìnrin wa, 3 + 2 + 1 = 6. Bí kò bá ṣe déédéé, oyún kan ti sọnù tàbí wọ́n ti ka ìbejì lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá bímọ tán, G kò ní kúrò ní 6, P ni yóò di 4.

Ẹ máa wo P yẹn tó bá ti dé 5. Obìnrin tó ti bímọ márùn-ún, tí méjì péré sì wà láàyè, yóò sọ pé méjì lòun ní, ó sì lè fẹ́ bímọ sílé. Ilé ọmọ tó ti gbé ìbímọ márùn-ún máa ń lọ́ra láti sún kì lẹ́yìn ìbí, ẹ̀jẹ̀ sì lè máa dà. Ọsibítù tó ní dókítà àti ẹ̀jẹ̀ nípamọ́ ló yẹ irú ẹni bẹ́ẹ̀, kí ó sì ti bá wọn sọ ọ́ kí ìrọbí tó mú un.

Àwọn tó bá lọ sí Amẹ́ríkà yóò rí i pé nọ́ńbà mẹ́rin ló máa ń tẹ̀lé P lọ́hùn-ún: èyí tó pé oṣù, èyí tí kò pé oṣù, èyí tó dànù, àti àwọn ọmọ tó wà láàyè. Ọ̀sẹ̀ 20 ni wọ́n sì fi ṣe ààlà, kì í ṣe 28. Oyún oṣù márùn-ún tó wà lábẹ́ àmì ìròpọ̀ níbí lè di ìbímọ tí kò pé oṣù lọ́dọ̀ wọn, nítorí náà iye ọ̀sẹ̀ gan-an ni kí ẹ sọ fún wọn, kí wọ́n fúnra wọn kọ nọ́ńbà náà.