Bíbá ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀ rẹ̀ mu nígbà tí wọ́n bá gbé èèyàn láti fọ́tò kan sínú òmíì

Tí wọ́n bá gé èèyàn kúrò nínú fọ́tò kan tí wọ́n wá gbé e sórí bakigiráǹdì míì, ohun méjì ló sábà máa ń tú àṣírí iṣẹ́ náà, kódà tí gígé ọ̀hún bá mọ́ dáadáa: ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá, àti àwọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ yẹn ní, tí àwọn oníṣẹ́ fọ́tò ń pè ní kọ́lọ̀ tẹmpirétọ̀. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ yanjú, torí pé àwọ̀ ṣeé tún ṣe lórí kọ̀ǹpútà, àmọ́ òjìji tó ti wà lójú èèyàn látìgbà tí wọ́n ti ya fọ́tò kì í fẹ́ kúrò níbẹ̀.

Nínú bakigiráǹdì, òjìji nǹkan tó dúró ṣánṣán bí òpó iná ni wọ́n máa ń wò. Tí wọ́n bá fa ìlà láti orí òjìji lọ sí orí òpó yẹn tí wọ́n sì fà á kọjá, ọ̀dọ̀ oòrùn ni ìlà náà ń lọ. Tí òjìji bá ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ tó sì gùn tó òpó fúnra rẹ̀, oòrùn wà ní digírì 45, tó bá gùn tó ìlọ́po 1.7, oòrùn ti wálẹ̀ dé nǹkan bíi 30. Òjìji tó bá ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ kámẹ́rà kò ṣeé wọ̀n báyẹn o, torí fọ́tò máa ń yí gígùn rẹ̀ padà. Lára èèyàn ní tiẹ̀, òjìji imú, abẹ́ àgbọ̀n àti ìmọ́lẹ̀ kékeré tó ń dán nínú ẹyinjú ló máa sọ ọ́.

Ká ní ọkùnrin kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun ni wọ́n yà ní sítúdíò, tí fíláṣì wà lápá òsì fọ́tò, tó fi díẹ̀ ga ju ojú rẹ̀ lọ, wọ́n wá fẹ́ gbé e sí òpópónà kan lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ tí oòrùn wà lápá ọ̀tún. Wọ́n lè yí ọkùnrin yẹn sódì, kí òsì di ọ̀tún, ó sì máa bá a mu, àfi tí wọ́n bá kọ ọ̀rọ̀ sára aṣọ rẹ̀, torí ọ̀rọ̀ náà máa yí sódì pẹ̀lú bọ́tìnì àti ìlà irun. Ẹ̀gbẹ́ nìkan ni yíyí yìí ń tún ṣe. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn ọkùnrin náà ni oòrùn òpópónà yẹn wà, iwájú rẹ̀ ló yẹ kó wà nínú òjìji kí etí irun rẹ̀ sì máa dán, ojú tí fíláṣì ti tan ìmọ́lẹ̀ sí kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, ó sàn kí wọ́n wá bakigiráǹdì míì.

Ó wá ku àwọ̀. Kẹ́lfìn ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n: gílóòbù oníwáyà tó ń gbóná wà láàárín 2700 sí 3200, fíláṣì àti oòrùn ọ̀sán wà ní nǹkan bíi 5500, abẹ́ òjìji tí ojú ọ̀run búlúù ń tan ìmọ́lẹ̀ sí lè kọjá 7000. Bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ni ìmọ́lẹ̀ ṣe ń yẹ́lò tó. Ohun tó ń dà àwọn èèyàn láàmú ni pé tí wọ́n bá fa Temperature sókè nínú Camera Raw, ìyẹn sọ́fítíwià tí wọ́n fi ń tún fọ́tò ṣe, fọ́tò á tún máa yẹ́lò sí i, torí nọ́ńbà ibẹ̀ ń sọ irú ìmọ́lẹ̀ tí sọ́fítíwià gbà pé wọ́n fi ya fọ́tò náà, ó wá ń fi yẹ́lò pa búlúù rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, oòrùn nìkan ló ń yẹ́lò, inú òjìji ń gba búlúù láti ojú ọ̀run. Ìdí nìyẹn tí ọkùnrin náà fi máa dà bí ẹni tí wọ́n rì sínú aró tí wọ́n bá kàn sọ gbogbo ara rẹ̀ di yẹ́lò. Curves, irinṣẹ́ tó ń tún ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀ ṣe nínú Photoshop, ni wọ́n máa ń so mọ́ léyà ọkùnrin náà nìkan, ìyẹn ìpele tí wọ́n gbé e sí lórí bakigiráǹdì. Ká ní nọ́ńbà àwọ̀ ògiri funfun tí oòrùn ń tàn sí jẹ́ R 245 fún pupa, G 222 fún àwọ̀ ewé, B 185 fún búlúù, tí ibi tó mọ́lẹ̀ jù lára ṣẹ́ẹ̀tì sì jẹ́ 240 ní gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n á fa Blue lápá òkè Curves, tó jẹ́ ti ibi tó mọ́lẹ̀, wálẹ̀ sí nǹkan bíi 185, Green sí 222, wọ́n á sì fi díẹ̀ gbé Red sókè. Lápá ìsàlẹ̀, tó jẹ́ ti ibi tó ṣókùnkùn, Blue ni wọ́n á gbé sókè díẹ̀ títí òjìji ara ṣẹ́ẹ̀tì á fi sún mọ́ òjìji ògiri. Ògiri náà gbọ́dọ̀ funfun lóòótọ́ ṣá, tó bá jẹ́ ọ̀dà kíríìmù ni wọ́n fi kùn ún, nọ́ńbà rẹ̀ máa ṣini lọ́nà.

Láti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n lè fi Hue/Saturation sókè gbogbo léyà kí wọ́n gbé Saturation, ìyẹn bí àwọ̀ ṣe lágbára tó, lọ sí +70 fúngbà díẹ̀, àwọ̀ tí kò bá bá yòókù mu máa hàn kedere, tí wọ́n bá ti rí i tán wọ́n á yọ ọ́ kúrò. Òjìji tí wọ́n máa yà sílẹ̀ fún ọkùnrin náà gbọ́dọ̀ kọrí síbi tí òjìji òpó kọrí sí, inú òjìji tó ti wà nílẹ̀ níbẹ̀ ni kí wọ́n sì ti mú àwọ̀ rẹ̀, kì í ṣe dúdú pátápátá. Ó máa ń dúdú jù níbi tí bàtà ti kan ilẹ̀, etí rẹ̀ á sì máa rọ̀ bó ṣe ń jìnnà sí ẹsẹ̀.