Bí a ṣe ń ṣírò owó oṣù ẹni méjì tó pín iṣẹ́ kan ṣe ní NHS

Ẹni tó bá ń wá iṣẹ́ páátì-táìmù ní NHS, ìyẹn ètò ìlera ìjọba ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, yóò rí i pé owó tí wọ́n kọ sínú ìpolówó iṣẹ́ sábà máa ń jẹ́ ti ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ kíkún. Owó tí yóò wọ báǹkì rẹ̀ wà lọ́wọ́ nọ́ńbà kékeré kan tí wọ́n kọ WTE tàbí FTE sí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nọ́ńbà yìí ni ìpín iṣẹ́: wákàtí tí èèyàn ń ṣe lọ́sẹ̀, tí a fi wákàtí iṣẹ́ kíkún pín. Wákàtí 37.5 ni iṣẹ́ kíkún lọ́sẹ̀ fún ọ̀pọ̀ jù lọ òṣìṣẹ́ NHS.

Ká mú iṣẹ́ kan tí owó kíkún rẹ̀ jẹ́ £30,000 lọ́dún, tí ẹni méjì pín ṣe. Ẹni àkọ́kọ́ ń wá lọ́jọ́ Ajé, Ọjọ́bọ̀ àti Ẹtì. Ẹnì kejì ń wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú. Wákàtí 7.5 ni ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ìṣirò ẹni àkọ́kọ́ nìyí:

```
22.5 ÷ 37.5 = 0.6
£30,000 × 0.6 = £18,000
£18,000 ÷ 12 = £1,500
```

Ìpín ẹnì kejì jẹ́ 0.4, owó rẹ̀ £12,000 lọ́dún, £1,000 lóṣù, kí wọ́n tó yọ owó orí àti ìyókù. Wákàtí ni wọ́n jọ pín o, kì í ṣe owó. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, tí owó kíkún tirẹ̀ sì ga ju ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, orí owó tirẹ̀ ni a ó ti ṣírò fún un.

Àsìṣe tó wọ́pọ̀ wà nínú wákàtí oúnjẹ ọ̀sán. Ẹni tó dé ní aago mẹ́sàn-án tó lọ ní aago márùn-ún lo wákàtí mẹ́jọ níbi iṣẹ́, ṣùgbọ́n wọn kì í sanwó fún ìdajì wákàtí tó fi jẹun. Bí a bá ka 24 fún ọjọ́ mẹ́ta dípò 22.5, ìpín á di 0.64, owó á sì di £19,200. Tí wọ́n bá rí i lẹ́yìn oṣù mélòó kan, wọ́n á gba àlékún náà padà.

Èyí tó burú jù ni kí wọ́n pín owó náà lẹ́ẹ̀mejì. Bí ìwé bá sọ pé "£18,000 pro rata", ìyẹn owó tí a ṣírò gẹ́gẹ́ bí ìpín iṣẹ́, ẹni tó ń sanwó lè rò pé owó kíkún ni, kó tún fi 0.6 sọ ọ́ di £10,800. Owó wákàtí kan la fi ń mọ̀. £30,000 tí a fi wákàtí 1,955.25 pín, ìyẹn 37.5 lọ́nà ọ̀sẹ̀ 52.14, jẹ́ nǹkan bí £15.34. £18,000 fún wákàtí 22.5 lọ́sẹ̀ gbọ́dọ̀ fún wa ní iye kan náà. £10,800 á fún wa ní nǹkan bí £9.21, nígbà tí owó tó kéré jù tí òfin gbà fún àgbàlagbà jẹ́ £12.21 láti oṣù Kẹrin 2025 sí oṣù Kẹta 2026.

Bí ẹnì kejì bá fi wákàtí 2.5 kún tirẹ̀ kí wọ́n lè máa fa iṣẹ́ lé ara wọn lọ́wọ́, tirẹ̀ di 17.5. Àpapọ̀ wọn á jẹ́ 40, ìyẹn 1.07, owó sì di £32,000. Kí ọ̀gá ti fi £2,000 yẹn sínú ètò ìnáwó rẹ̀ ṣáájú. Ẹ má ṣe kọ ìpín 17.5 sí 0.47 kí ẹ tó ṣírò, torí £14,100 ló máa gbé jáde, nígbà tó jẹ́ pé £14,000 gan-an ló yẹ.

Líìfù ló máa ń dá ìjà sílẹ̀ jù. Ẹni tuntun tó ń ṣe iṣẹ́ kíkún ní ọjọ́ 27 àti ọjọ́ ìsinmi ìjọba 8, àpapọ̀ wákàtí 262.5. Ẹni tí ìpín rẹ̀ jẹ́ 0.6 yóò gba 157.5, ẹni 0.4 yóò gba 105. Ẹ wo ọdún 2026: kò sí ọ̀kankan nínú ọjọ́ ìsinmi ìjọba mẹ́jọ ní England tó bọ́ sí Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́rú. Gbogbo rẹ̀ bọ́ sí ọjọ́ iṣẹ́ ẹni àkọ́kọ́. Bí wọ́n bá kàn sọ pé kí kálukú sinmi tí ọjọ́ náà bá kàn án, ọ̀kan á gba ọjọ́ mẹ́jọ, èkejì á wà lófo. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi wákàtí kà á. Ẹni àkọ́kọ́ á san wákàtí 60 nínú 157.5 rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́jọ náà, á ku 97.5, ìyẹn ọjọ́ 13 tó lè yàn fúnra rẹ̀. Ẹnì kejì á yan ọjọ́ 14. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ jù lè bínú sí i, ṣùgbọ́n òun náà ti jókòó sílé lọ́jọ́ mẹ́jọ tí wọ́n sanwó fún un.