Kí ló dé tí iye ọjà tí Meta kà kò fi bá ti Google Analytics mu?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, báàgì ni mò ń tà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ads Manager ti Meta ní ìpolówó mi ta 40. Google Analytics ní 18 péré ló ti ibẹ̀ wá. Èwo nínú wọn ló ń parọ́?

Ìdáhùn: Kò sí èyí tó parọ́. Meta ń wò ó bóyá ẹni tó rajà ti rí ìpolówó yín tàbí tẹ̀ ẹ́ láìpẹ́. Analytics ní tirẹ̀ ń wo ọ̀nà tí oníbàárà gbà wọ ṣọ́ọ̀bù nígbà tó rà á.

"Láìpẹ́" yẹn ní gbèdéke, ibẹ̀ sì ni ìyàtọ̀ ti ń wá. Bí ẹ kò bá yí i padà, ọjọ́ 7 ni Meta fún ẹni tó tẹ ìpolówó, ọjọ́ 1 fún ẹni tó kàn rí i. Ẹni tó rí i láàárọ̀ láìtẹ̀ ẹ́, tó wá rajà lálẹ́, Meta á kà á. Analytics kò lè mọ̀ pé ó rí ìpolówó kankan, torí inú Facebook lọ́hùn-ún ló ti rí i, Analytics kò sì ríran kọjá ṣọ́ọ̀bù yín.

Ẹ jẹ́ ká tú 40 yẹn wò. Ká ní 14 jẹ́ ti àwọn tó kàn rí ìpolówó: ó ku 26. Ká ní 8 nínú 26 yìí tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ Ajé, wọn ò rà, wọ́n wá fi Google wá orúkọ ṣọ́ọ̀bù yín lọ́jọ́bọ̀ kí wọ́n tó rà. Meta ṣì kà wọ́n mọ́ tirẹ̀, àmọ́ Google ni Analytics kọ wọ́n sí. Ó ku 18.

Ọjọ́ tí wọ́n ń kọ ọjà sí náà yàtọ̀. Ọjà Ọjọ́bọ̀ yẹn, Ọjọ́ Ajé tí wọ́n tẹ ìpolówó ni Meta kọ ọ́ sí, Analytics kọ ọ́ sí Ọjọ́bọ̀. Ìdí nìyẹn tí iye ọ̀sẹ̀ tó kọjá fi ń gòkè lójú yín. Ẹ jẹ́ kí ọjọ́ 7 kọjá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó fi méjèèjì wéra.

Gbèdéke nìkan kọ́ ló fa àlàfo o. Láti ìgbà tí iOS 14.5 ti dé ní oṣù Kẹrin 2021, áàpù gbọ́dọ̀ gbàṣẹ kó tó tọpa ẹni tó ń lo iPhone, nítorí náà Meta máa ń fojú díwọ̀n apá kan nínú iye rẹ̀.

Ẹ lọ síbi Columns nínú Ads Manager, kí ẹ ṣí Compare attribution settings, kí ẹ wo 1-day view lọ́tọ̀. Bó bá pọ̀, tó sì jẹ́ pé àwọn tó ti wọ ṣọ́ọ̀bù yín rí lẹ̀ ń fi ìpolówó náà hàn, èmi ò ní gbà á gbọ́ pátápátá: ọ̀pọ̀ wọn ì bá rà á náà. Ìwé ọ́dà yín ni kó jẹ́ òdiwọ̀n. Bí ọ́dà bá jẹ́ 52, tí Meta gba 40, tí Google Ads gba 21, àpapọ̀ 61 fi hàn pé àwọn méjèèjì ń gba ọ́dà kan náà mọ́ra. Láti mọ ohun tí ìpolówó mú wá gan-an, ẹ yọ ìpínlẹ̀ kan kúrò nínú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí ẹ wò ó bóyá ọ́dà ibẹ̀ á dínkù.