Ìlà ni wọ́n ń ṣọ́, kì í ṣe pákó

Lọ́dọọdún tí àsìkò íńtà-háùsì bá ti dé, igbe kan náà ni mo máa ń gbọ́ létí kòtò iyanrìn tí wọ́n ti ń fo lọ́ńgì jọ́ǹpù: "Kò tẹ pákó! Fáòlù ni!" Olùkọ́ á sọ ọ́, òbí á sọ ọ́, ọmọ tó kàn láti fò á sì gbé e sọ́kàn bí òfin. Lọ́dún tó kọjá, ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan tí n kò ní dárúkọ, ẹ̀gbẹ́ pákó tí wọ́n ti ń gbéra gan-an ni mo dúró sí nígbà tí ọmọbìnrin kan sáré dé. Ó gbéra nígbà tí orí bàtà rẹ̀ ṣì ku nǹkan bíi ìbú àtẹ́lẹwọ́ kó tó kan funfun pákó náà. Ó balẹ̀ sínú iyanrìn dáadáa, ló bá di pé ẹni tó mú àsíá gbé pupa sókè. Kí n tó lanu, wọ́n ti fi ráàkì tẹ́ iyanrìn. Ọmọ náà ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn, torí òun náà gbà pé òun ṣẹ̀. Ìyẹn ló bí mi nínú jù.

Kò ṣẹ̀ rárá. Pákó yẹn fẹ̀ ní 20 sẹ̀ǹtímítà, ó gùn ní mítà 1.22, wọ́n sì kùn ún ní funfun kí ẹni tó ń sáré bọ̀ lè rí i láti òkèèrè. Kò sí òfin tó ní ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́. Etí rẹ̀ tó kọjú sí iyanrìn ni ìlà, ìlà yẹn nìkan ni a kò gbọ́dọ̀ kọjá, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n ti ń na téèpù lọ bá ojú àpá tó súnmọ́ ọn jù nínú iyanrìn. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ti ọmọ yẹn. Ká ní orí bàtà rẹ̀ ku sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá kó tó kan pákó. Tí a bá fi ogún ti pákó kún un, ó ti di ọgbọ̀n sí ìlà. Bí ara rẹ̀ bá fo mítà 4.80 lóòótọ́, 4.50 ni wọn ì bá kọ sílẹ̀ fún un. Ó ti fi ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà tọrẹ, ìyẹn sì ni ìyà rẹ̀. Ẹni tó tún gbé àsíá pupa lé e lórí nà án lẹ́ẹ̀mejì fún ohun kan ṣoṣo.

Ibi kan wà tí ọ̀rọ̀ pákó fi kan fáòlù, ìyẹn ni kéèyàn gbéra láti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, lọ́wọ́ ọ̀tún tàbí lọ́wọ́ òsì, níbi tí gígùn pákó ti tán. Fáòlù ni ìyẹn, ì báà jẹ́ pé kò tíì dé ìlà. Àmọ́ kéèyàn gbéra ṣáájú pákó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ̀n ọ́n.

"Ṣé kò wá yẹ kí wọ́n máa wọ̀n ọ́n láti ibi tí ẹsẹ̀ ti gbéra ni?" Ìbéèrè yìí bọ́gbọ́n mu, ṣùgbọ́n àwọn tó ń bi í kì í rántí ohun kan: tátánì, ìyẹn rọ́bà tí wọ́n tẹ́ sójú ọ̀nà eré, kì í gba àpá ẹsẹ̀. Ẹlẹ́sẹ̀ líle á kọjá, ilẹ̀ á dà bíi pé ẹnikẹ́ni ò débẹ̀. Wọ́n kúkú ń ṣe é fáwọn afọ́jú tó ń fo lọ́ńgì jọ́ǹpù. Ojú ibi tí wọ́n ti ń gbéra fẹ̀ tó mítà kan gbáko, wọ́n á bu ẹfun sí i kí bàtà lè fi àpá sílẹ̀, wọ́n á wọ̀n láti ojú àpá náà, wọ́n á tún ojú rẹ̀ ṣe, kí ẹlòmíì tó sáré. Ó ṣeé ṣe, àmọ́ ó ń gba àkókò. Ní 2024, àjọ tó ń darí eré orí pápá lágbàáyé kéde pé àwọn máa dán irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wò fáwọn tó ríran, torí pé nínú ìdíje àgbáyé 2023 ní Budapest, bíi ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo fífò ló já sí fáòlù. Ojú àwọn afòjìnnà kan kò rọ̀ sí i. Wọ́n ní kéèyàn máa bọ̀ pẹ̀lú eré burúkú kó sì gbé ẹsẹ̀ síbi tó fẹ́ gan-an, apá kan iṣẹ́ náà ni. N kò lè sọ pé wọ́n parọ́.

Àwọn kan á ní Ese Brume ì bá gba góòlù ní ìdíje Olympics Tókíò ní 2021 ká ní wọ́n ń wọ̀n láti ẹsẹ̀. Mítà 6.97 ló fò. Brittney Reese náà fo 6.97, fífò kejì tó dára jù ló yà wọ́n, Malaika Mihambo sì fi 7.00 gba góòlù. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kà á fún mi kì í sọ iye tí àwọn méjì yòókù náà fi sílẹ̀ lórí pákó. Ṣé tiwọn nìkan ni wọn ò ní wọ̀n láti ẹsẹ̀ ni?

Ó wá ku ọ̀rọ̀ amọ̀ rírọ̀ tí wọ́n máa ń tẹ́ síwájú ìlà. Àwọn tó tilẹ̀ mọ̀ nípa eré yìí á ní, "Kò fi àpá sí amọ̀, kí ló dé tí wọ́n fi gbé pupa?" Òfin àtijọ́ ló wà lórí wọn. Láti November 2021, kì í ṣe àpá ni ẹ̀ṣẹ̀ mọ́. Ẹ fi ojú inú wo gíláàsì kan tí wọ́n gbé dúró ṣánṣán lórí ìlà. Bí apá kankan lára bàtà ẹsẹ̀ tó fi ń gbéra bá gba inú gíláàsì yẹn kọjá kí ẹsẹ̀ tó kúrò nílẹ̀, ó parí. Orí bàtà onírin máa ń ká sókè díẹ̀. Ó lè nà kọjá ìlà nínú afẹ́fẹ́ láìkan nǹkan kan. Tẹ́lẹ̀, amọ̀ náà dà gẹ̀rẹ́ ní ìgun dígírì 45, ó sì yọ sókè ní mìlímítà méje péré, nítorí náà irú orí bàtà bẹ́ẹ̀ lè yọ́ kọjá kí wọ́n sì gbé àsíá funfun. Ní báyìí wọ́n ti gbé ojú amọ̀ dúró ní 90, kámẹ́rà sì ń wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Ẹlẹ́rìí ni amọ̀ wá jẹ́, kò jẹ́ adájọ́ mọ́.

Nínú tírípù jọ́ǹpù, òfin ìlà yìí kan náà ni, pákó ló kàn jìnnà sí iyanrìn, mítà 13 ó kéré tán fáwọn ọkùnrin nínú ìdíje àgbáyé, 11 fáwọn obìnrin. Ẹsẹ̀ tí wọ́n fi gbéra náà ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ balẹ̀, ìkejì á tẹ̀ lé e. Bí ẹsẹ̀ tí kò ṣiṣẹ́ bá sì ha ilẹ̀ lójú ọ̀nà, kì í ṣe fáòlù, bí ẹni ẹgbẹ́ yín tiẹ̀ ń pariwo.

Ẹ ṣọ́ra fún fídíò fóònù. Bí ẹni tó mú fóònù ò bá wà ní ọ̀gangan ìlà gẹ́ẹ́, tó dúró sẹ́yìn díẹ̀ tàbí síwájú díẹ̀, bàtà tó wà lórí pákó lè dà bíi pé ó ti kọjá, èyí tó ti kọjá sì lè dà bí ẹni mímọ́. Mo ti rí i tí àgbà méjì fẹ́rẹ̀ẹ́ jà lórí irú fídíò bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fẹ́ dájọ́, kó bẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà, kí ojú rẹ̀ máa wo ìlà nìkan, kó má wo bí ọmọ ṣe ń fò lókè.

Bí wọ́n bá sì gbé pupa fún ọmọ yín tí kò dá yín lójú, lójú ẹsẹ̀ ni kí ọmọ náà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ò gbà. Òfin fún rẹfirí láyè láti ní kí wọ́n wọ̀n ọ́n kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ títí wọ́n á fi yanjú ẹjọ́. Ṣùgbọ́n bí ráàkì bá ti fọwọ́ kan iyanrìn, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè wọ̀n mọ́.