Kí ló dé tí okùn fífò ń gba èémí mi ju eré sísá lọ?

*Mo lè sá eré kìlómítà 5 láì dúró, àmọ́ bí mo bá fo okùn fún ìṣẹ́jú kan péré nínú yàrá mi, mo ti ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ṣé èémí mi ni kò tó ni?*

Èémí yín kò lábùkù. Fífò tí ẹ ń fò ga jù ló ń jẹ ẹ́ tán. Okùn náà kò nípọn tó ìka ọmọdé, nítorí náà bí ẹsẹ̀ bá kúrò nílẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3, okùn á ti kọjá. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń bẹ̀rù pé okùn á kọ́ òun a máa fò tó sẹ̀ǹtímítà 10, nígbà mìíràn a tún ká orúnkún sókè mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí ẹ bá fò lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lọ́nà méjìlá, ìyẹn 120, láàárín ìṣẹ́jú kan, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 3, gbogbo gíga tí ẹ gbé ara yín dé fi díẹ̀ lé ní mítà 3 àti ààbọ̀. Bó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10, ó di mítà 12. Àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́rin nìyẹn láàárín ìṣẹ́jú kan.

Ohun tó ń rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú ni pé wọ́n rò pé bí àwọn bá rọra yí okùn, á rọrùn. Òdìkejì rẹ̀ ni. Okùn tó ń bọ̀ jẹ́jẹ́ a máa fi yín sílẹ̀ lókè, ẹ ó wá fò ga kí ẹ lè dúró dè é, tàbí kí ẹ há ìfò kékeré kan sí àárín méjì. Ìwọ̀n tó máa ń tu ara lára ni bíi 110 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ fi aago ògiri wọ̀n ọ́n: láàárín kẹ́ kan sí kẹ́ kejì, kí okùn ti na ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ tún tẹ́tí sí ẹsẹ̀ yín. Bí ẹ bá ń gbọ́ gbì, gbì, gìgísẹ̀ ló ń balẹ̀. Iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ ló yẹ kó máa balẹ̀, kí orúnkún rọ̀ díẹ̀, kí ìró okùn sì borí ìró ẹsẹ̀.

*Mo máa ń ṣe dáadáa títí dé bíi 20, ibẹ̀ ni okùn á ti kọ́ mi lẹ́sẹ̀. Gbogbo ìgbà!*

Ọwọ́ yín ló ń sá kúrò lára. Bó bá ti ń rẹ apá, ìgúnpá á máa ṣí síta díẹ̀díẹ̀. Bí ọwọ́ méjèèjì sì ṣe ń jìnnà síra ni okùn ń kúrú, títí tí kò fi ní kan ilẹ̀ mọ́, tó jẹ́ ọmọ ìka ẹsẹ̀ ló máa bá. Ẹsẹ̀ ni gbogbo ènìyàn máa ń wò, ẹsẹ̀ ò sì jẹ̀bi.

Arákùnrin kan tí mo kọ́ ga tó mítà 1 àti sẹ̀ǹtímítà 65, ó sì ra okùn oní-mítà 3. Nígbà tó fi ẹsẹ̀ kan tẹ àárín okùn náà, tó fà á sókè, ibi tí a ń dì mú dé imú rẹ̀. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, abíyá ló yẹ kó dúró sí. Nítorí pé okùn ti gùn jù, ó ń na ilẹ̀ jìnnà sí iwájú rẹ̀, ó ń ta padà, òun náà wá ń la apá kó lè dín in kù. A so kókó sí ìsàlẹ̀ ìdìmú kọ̀ọ̀kan títí okùn fi dé abíyá. Lẹ́yìn náà ni mo fi abala ìwé ìròyìn kan há a lábẹ́ apá ọ̀tún, òmíràn lábẹ́ ti òsì. Mo ní kó máa fò, kí ìwé má bọ́. Ìwé bọ́ ní ìfò kẹrìndínlógún, kí okùn tó kọ́ ọ rárá. Ojú ara rẹ̀ ló fi rí i. Láti ìgbà náà ló ti ń fi ọrùn ọwọ́ nìkan yí okùn, bí ẹni ń yí kọ́kọ́rọ́, ó sì kọjá 60 kí a tó ṣíwọ́ lọ́jọ́ náà.

*Báwo ni kí n ṣe pọ̀ sí i? Ẹnì kan ní kí n máa fo ìṣẹ́jú 10 lójoojúmọ́.*

Ẹ má dá a lóhùn. Èémí máa ń tètè mọ́ra, àmọ́ egungun ojúgun àti iṣan gìgísẹ̀ kì í yára bẹ́ẹ̀, àwọn ló sì ń gba ìkọlù. Ọjọ́ 3 lọ́sẹ̀ tó, kí ìsinmi wà láàárín wọn.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ báyìí: ẹ fò fún ìṣẹ́jú àáyá 20, ẹ sinmi fún 40, ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ìṣẹ́jú 10 ló gbà, ṣùgbọ́n ìfò gan-an kò ju ìṣẹ́jú 3 àti díẹ̀ lọ. Bí okùn kò bá kọ́ yín ní ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ ó kéré tán nínú mẹ́wàá náà, tí ojúgun kò sì dùn yín láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ kọjá sí 30 fún 30, lẹ́yìn náà 40 fún 20. Ọ̀sẹ̀ méjì lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò pọ̀ jù. Ẹ má ṣe mú kí okùn yára sí i lọ́sẹ̀ tí ẹ bá fi àkókò kún un.

Nígbà tí 40 fún 20 bá ti rọ̀, ẹ kọ́ fífi ẹsẹ̀ pààrọ̀, bí ẹni ń sáré lójú kan. Ẹsẹ̀ kan á máa sinmi fún èkejì, ẹ ó sì lè pẹ́ sí i. Ìgbà yẹn lẹ lè ṣe bíi ti àwọn akànṣẹ́: ìṣẹ́jú 3 ní fífò, ìṣẹ́jú kan ní ìsinmi, lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

*Ojúgun ti ń dùn mí díẹ̀ báyìí. Ṣé kí n fara dà á?*

Ẹ fi ìka tẹ egungun náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹran ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ló ń ro yín káàkiri, tó sì lọ lẹ́yìn ọjọ́ méjì, iṣẹ́ tuntun ló fà á. Bó bá jẹ́ gígùn etí egungun ló ń dùn, ẹ fi okùn sílẹ̀ títí tí kò fi ní dùn mọ́, kí ẹ sì padà sí ìpele tó wà ṣáájú. Àmọ́ bó bá jẹ́ ojú kan ṣoṣo tí kò ju orí ìka lọ, tó ń dùn bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tàbí tí ẹ bá jókòó lásán, ẹ má fò mọ́, ẹ lọ rí dókítà. Egungun lè ti ń sán. Bákan náà, ẹ má fò lórí táìlì tàbí sìmẹ́ńtì lásán láìwọ bàtà; rọ́bà pẹlẹbẹ dára, fóòmù kò dára nítorí ó ń mú ọrùn ẹsẹ̀ yẹ̀.

*Yàrá mi kéré, fáànù sì wà lókè.*

Okùn máa ń gba bíi sẹ̀ǹtímítà 30 lórí yín, àti bíi mítà kan níwájú àti mítà kan lẹ́yìn. Ẹ yí i lẹ́ẹ̀kan jẹ́jẹ́ láìfò kí ẹ rí ibi tó máa gbá. Bí kò bá gbà yín, ẹ gé okùn àtijọ́ kan sí méjì, kí ìdìmú kọ̀ọ̀kan ní okùn tó sẹ̀ǹtímítà 30, kí ẹ so kókó ńlá sídìí rẹ̀ kó lè wúwo. Ẹ máa yí méjèèjì bí ẹni tó ní odindi okùn. Ohun kan ṣoṣo tó kù díẹ̀ káàtó ni pé kò sí ohun tó máa kọ́ yín lẹ́sẹ̀, nítorí náà kò sẹ́ni tó máa sọ fún yín pé ọwọ́ ti ṣí. Ẹ dá ìwé ìròyìn yẹn padà sábẹ́ apá.